Àwọn tí kò dáhùn nínú sọ́fè: ìgbà wo la máa yọ ìlà wọn, ìgbà wo la máa fi iye dípò?

Ẹ jẹ́ ká mú sọ́fè kan. Èèyàn 1,000 ló dá wa lóhùn, a bi wọ́n ní iye owó tó ń wọlé fún wọn lóṣù, ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n kàwé dé, a sì ní kí wọ́n fún ìtẹ́lọ́rùn wọn nínú ayé ní máàkì láti 0 dé 10. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìtẹ́lọ́rùn máa ń lọ sókè bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i, tó bá sì ń lọ, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Rigirẹ́ṣọ̀n lásán náà nìyẹn. Àmọ́ nígbà tá a ṣí dátà, a rí i pé èèyàn 300 ló fo ìbéèrè owó. Wọ́n dáhùn gbogbo ìyókù o, owó nìkan ni wọ́n dákẹ́ sí.

Tí ẹ bá kọ `lm()` sínú R báyìí, kò ní bi yín ní nǹkan kan, á kàn ju àwọn 300 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi 700 ṣe ìṣirò, á wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ `summary()` rẹ̀ níbi tí ojú kì í tètè dé pé `(300 observations deleted due to missingness)`. Stata àti SPSS náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tẹ́ ò bá sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni màá máa pè ní yíyọ ìlà. Ọ̀nà kejì ni ìfidípò lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà fi ohun tó mọ̀ nípa èèyàn kọ̀ọ̀kan méfò iye owó rẹ̀, kó má méfò lẹ́ẹ̀kan, kó méfò bí ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n, ká wá ṣe rigirẹ́ṣọ̀n lórí ìkọ̀ọ̀kan ká sì pa èsì wọn pọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀nà kejì ló ti mọ́gbọ́n dání jù nígbà gbogbo, pé ìwà ọ̀lẹ ni yíyọ ìlà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí yíyọ ìlà máa fún yín ní òótọ́ gan-an tí ìfidípò á sì ṣì yín lọ́nà, ìgbà míì náà wà tó jẹ́ òdì kejì rẹ̀, ohun tó sì ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe iye èèyàn tó dákẹ́, ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ohun tó ń jẹ́ "kò sí" nínú dátà yín

Mi ò ní pẹ́ níbí. Nínú fáìlì sọ́fè, ẹni tó kọ̀ láti dáhùn lè jẹ́ 99, ẹni tó ní òun ò mọ̀ lè jẹ́ 98, ẹni tí wọn ò bi ní ìbéèrè náà rárá torí pé kò kàn án lè jẹ́ -1. Ẹ gbọ́dọ̀ yí àwọn méjì àkọ́kọ́ sí `NA`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rigirẹ́ṣọ̀n á rò pé ẹnì kan ń gba 99 lóṣù. Ẹ̀kẹta yẹn yàtọ̀ pátápátá: ẹni tí kò níṣẹ́ kò lè ní wákàtí iṣẹ́, kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá méfò wákàtí fún un ẹ ti dá èèyàn tí kò sí láyé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ ka iye ìlà tó máa kù. Kì í ṣe vẹ́ríábù kan ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn jọ ni. Tẹ́ ẹ bá ní vẹ́ríábù mẹ́jọ nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣófo ní 5 pásẹ́ǹtì péré, tí àlàfo ọ̀kan kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ti èkejì, ẹni tó dáhùn gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 0.95 tá a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí ó fi pé mẹ́jọ, ìyẹn 66 pásẹ́ǹtì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí tábìlì kankan tẹ́ ẹ ti máa rí i pé nǹkan bàjẹ́.

Ìbéèrè tó ṣe kókó: ta ló dákẹ́, kí ló pa á lẹ́nu mọ́?

Donald Rubin, onímọ̀ ìṣirò, ló pín ọ̀rọ̀ àìdáhùn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́dún 1976, òun náà ni wọ́n ń kọ ní MCAR, MAR àti MNAR títí dòní. Àkọ́kọ́ ni pé àlàfo náà kàn ṣẹlẹ̀ ni, bí ìgbà tí ojú ewé kan ya. Èkejì, ohun tó fà á wà nínú àwọn nǹkan tá a rí, bíi pé àwọn àgbàlagbà máa ń fo ìbéèrè owó, a sì mọ ọjọ́ orí gbogbo èèyàn. Ẹ̀kẹta, ohun tó fà á ni iye tí a kò rí yẹn gan-an: olówó kò fẹ́ sọ owó rẹ̀.

Ìpínsísọ̀rí yìí dára, àmọ́ tó bá kan rigirẹ́ṣọ̀n, mo fẹ́ kí ẹ fi ìbéèrè míì kún un, torí ìpínsísọ̀rí yẹn nìkan kì í sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ìbéèrè náà ni: ṣé ohun tá a fẹ́ ṣàlàyé (ìtẹ́lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká pè é ní y) ló ń fa ìdákẹ́jẹ́ náà, àbí ohun tá a fi ń ṣàlàyé (owó, x)?

Tó bá jẹ́ pé x nìkan ló fà á, kódà x tí a kò rí yẹn, yíyọ ìlà ò ní ṣèpalára fún kóẹfíṣẹ́ǹtì yín. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Rigirẹ́ṣọ̀n ń béèrè pé "láàárín àwọn tí owó wọn jẹ́ báyìí, ìtẹ́lọ́rùn wọn jẹ́ mélòó?" Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo olówó kúrò, àwọn tó kù ṣì ń sọ òótọ́ nípa ara wọn, ìlà rigirẹ́ṣọ̀n náà ò yí padà, ó kàn kúrú sí i ni. (Ẹ gbà pé ìlà tààrà ni o. Tí ìbáṣepọ̀ yẹn bá ń tẹ̀ lókè, ẹ ò ní rí ibi tó ti tẹ̀.) Àmọ́ tó bá jẹ́ y ló fà á, tó jẹ́ pé àwọn tí inú wọn ò dùn ni wọ́n ń fo ìbéèrè, á jẹ́ pé ní gbogbo ìpele owó, àwọn tí ìtẹ́lọ́rùn wọn kéré la ti gé kúrò, ìlà náà á gbé sókè á sì tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó

Mo fẹ́ràn kí n máa dán irú nǹkan báyìí wò pẹ̀lú dátà àfọwọ́dá, torí pé níbẹ̀ mo mọ òótọ́. Mo yí owó àti ìtẹ́lọ́rùn sí ìwọ̀n tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0 tí ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 1, mo sì dá a bẹ́ẹ̀ pé kóẹfíṣẹ́ǹtì òótọ́ jẹ́ 0.5. Lẹ́yìn náà mo ní kí 60 pásẹ́ǹtì nínú àwọn tí ìtẹ́lọ́rùn wọn wà lábẹ́ ìpíndọ́gba fo ìbéèrè owó. Nígbà tó jẹ́ pé ìdajì èèyàn ló wà lábẹ́ ìpíndọ́gba, àpapọ̀ àwọn tó dákẹ́ jẹ́ 30 pásẹ́ǹtì, bíi 300 tiwa yẹn. Mo lo ìlà tó pọ̀ gan-an kí orí ire àti orí burúkú má bàa dá sí i.

```r
set.seed(7)
n <- 100000
x <- rnorm(n)
y <- 0.5 * x + rnorm(n, sd = sqrt(0.75))
xm <- x
xm[y < 0 & runif(n) < 0.6] <- NA
d <- data.frame(y, xm)
coef(lm(y ~ xm, data = d))
```

Ohun tó máa jáde súnmọ́ 0.45 dípò 0.5, ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ 0, á sì ti gun òkè dé nǹkan bíi 0.26. Ìtẹ̀sápákan tí yíyọ ìlà fà nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì kó èèyàn mílíọ̀nù kan wá kò ní lọ, ńṣe ló máa túbọ̀ dá yín lójú pé 0.45 lòótọ́.

Ó wá kan ìfidípò. Ẹ wo méjì yìí:

```r
library(mice)
a <- mice(d, m = 5, method = "norm", printFlag = FALSE)
summary(pool(with(a, lm(y ~ xm))))

b <- mice(d, m = 5, method = "sample", printFlag = FALSE)
summary(pool(with(b, lm(y ~ xm))))
```

Èyí àkọ́kọ́ fi ìtẹ́lọ́rùn méfò owó, èsì rẹ̀ padà sí 0.50. Èyí kejì kàn mú owó ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó dáhùn ó fi dí àlàfo náà, kò wo ìtẹ́lọ́rùn rárá, èsì rẹ̀ sì jábọ́ sí nǹkan bíi 0.32. Ẹ kíyè sí i pé 0.32 burú ju yíyọ ìlà lọ! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó tí a méfò láìwo y kò ní ìbáṣepọ̀ kankan pẹ̀lú y, a wá fi 30 pásẹ́ǹtì ìlà tí kò ní ìbáṣepọ̀ bu omi lu àwọn tó ní. Òfin rẹ̀ ò le: 70 pásẹ́ǹtì ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àwọn tó dáhùn ló máa ṣẹ́ kù, 0.7 lọ́nà 0.45, ẹ ti mọ ibi tó máa balẹ̀ sí.

Àṣìṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí, kì í sì í ṣe torí pé mi ò kàwé. Ẹnì kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló ní kí n yọ y kúrò nínú ohun tí mo fi ń méfò, pé tí mo bá fi y méfò x kí n tún wá fi x ṣàlàyé y, àwúrúju ni. Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọgbọ́n, mo gbà fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la wá ń ṣe kàyéfì pé gbogbo kóẹfíṣẹ́ǹtì wa ti rọ. Kì í ṣe àwúrúju. Iye tá a méfò ní láti jọ iye tí à bá rí, iye tí à bá rí sì ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú y. Àwúrúju á jẹ́ tí ẹ bá fi iye kan ṣoṣo dípò, láìfi ariwo, ìyẹn ìyàtọ̀ tó kàn ṣẹlẹ̀, kún un, tẹ́ ẹ wá ń ṣe bí ẹni pé ẹ rí i lójú ni.

Apá kejì: níbi tí ìfidípò ti ń ṣì wá lọ́nà

Ẹ pa ìlà tó ń dá àlàfo nínú kóòdù òkè yẹn, kẹ́ ẹ fi `xm[x > 1] <- NA` rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún kóòdù náà ṣe láti òkè dé `d`. Àwọn olówó gidi, bíi 16 pásẹ́ǹtì, ló dákẹ́ báyìí, ìtẹ́lọ́rùn wọn ò sí níbẹ̀ rárá, owó wọn ni wọn ò fẹ́ sọ. Yíyọ ìlà á fún yín ní 0.50, bó ṣe yẹ kó rí. Ìfidípò tó wo y, èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán, á fún yín ní 0.54.

Kí ló dé? Ó kọ́ ìbáṣepọ̀ owó àti ìtẹ́lọ́rùn lọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀, ó sì lọ fi méfò owó àwọn olówó. Owó tó méfò fún wọn jẹ́ 0.03 ní ìpíndọ́gba, ìyẹn owó èèyàn lásán, nígbà tí òótọ́ jẹ́ 1.5. Àwọn èèyàn yìí ní ìtẹ́lọ́rùn olówó, a sì fún wọn lówó mẹ̀kúnnù, ló bá dà bíi pé owó kékeré ń gbé ìtẹ́lọ́rùn sókè ju bó ṣe ń gbé e lọ. Àṣìṣe 0.04 lè má jọ nǹkan lójú yín, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ọ̀nà tó gbọ́n jù ló ṣì, ọ̀nà ọ̀lẹ ló gbà.

Báwo la ṣe wá máa mọ èyí tó jẹ́ tiwa?

Ibi tó le jù rèé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ti máa ń tàn yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá vẹ́ríábù kan tó jẹ́ 1 fún ẹni tó dákẹ́ àti 0 fún ẹni tó dáhùn, kẹ́ ẹ wá wò bóyá y ń sọ ẹni tó máa dákẹ́. Ẹ ṣe é, ó dáa. Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa méjèèjì. Níbi tí ìtẹ́lọ́rùn ti fa ìdákẹ́jẹ́, ìpíndọ́gba y àwọn tó dákẹ́ jẹ́ -0.80, ti àwọn tó dáhùn jẹ́ 0.34. Níbi tí owó ti fà á, tàwọn tó dákẹ́ jẹ́ 0.76, tàwọn tó dáhùn jẹ́ -0.14. Méjèèjì ló fi hàn pé y yàtọ̀! Nínú èkejì, y ò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń tẹ̀ lé owó kiri ni, owó ló sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yẹn tó sáré pariwo pé "y ló fà á, ìfidípò ló kàn" ti ṣì í.

Dátà nìkan ò lè yanjú rẹ̀. Ohun tó wà lóde dátà ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mú fọ́ọ̀mù sọ́fè náà kẹ́ ẹ kà á bí ẹni tó ń dáhùn rẹ̀. Ṣé ìbéèrè owó wà níparí, tó jẹ́ pé ẹni tó ti sú tàbí tí inú rẹ̀ ò dùn ti lè fi í sílẹ̀? Ìyẹn ń tọ́ka sí y tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Ṣé gbogbo ìbéèrè tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n dáhùn, tó jẹ́ owó nìkan ni wọ́n fò, tí wọ́n sì tẹ "mi ò fẹ́ sọ" dípò "mi ò mọ̀"? Ìyẹn jọ ọ̀rọ̀ owó fúnra rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wọn nǹkan náà tún ṣe pàtàkì: tó bá jẹ́ pé ọdún yìí la bi wọ́n nípa owó, tá a wá bi wọ́n nípa ìtẹ́lọ́rùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìtẹ́lọ́rùn tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò lè fa ìdákẹ́jẹ́ ọdún yìí, àfi tí ohun kan bá wà lẹ́yìn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá lè bá àwọn tó lọ béèrè ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú wọn ti ṣe mí lóore ju ìdánwò ìṣirò mẹ́wàá lọ.

Bí mo ṣe máa ń pinnu rèé. Tí ohun gbogbo bá tọ́ka sí x, tí ìlà tó kù sì tó, mo máa yọ ìlà, mo sì máa sọ ìdí. Tí y, tàbí ohun tá a rí tó ní í ṣe pẹ̀lú y ṣùgbọ́n tí kò sí nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, bá dá sí i, ìfidípò ni. Tó bá jẹ́ pé y nìkan ló ṣófo, tí mi ò sì ní ìsọfúnni míì tó wà lóde mọ́dẹ́ẹ̀lì, mi ò ní da ara mi láàmú, torí ìfidípò y látinú x kan náà tí mo fẹ́ lò kò fi ohunkóhun kún un ju ariwo lọ. Tí y bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ tí mo ń lo rigirẹ́ṣọ̀n lọ́jísíìkì, yíyọ ìlà tún máa ń fara da nǹkan kan tí kì í fara dà nínú rigirẹ́ṣọ̀n lásán: tí y nìkan bá fa àlàfo náà, kóẹfíṣẹ́ǹtì x ṣì máa dúró, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ ìfidípò, ẹ ṣe é báyìí

Ohun gbogbo tó wà nínú rigirẹ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tẹ́ ẹ fi ń méfò, y ni ẹni àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá máa fi owó lọ́nà ọjọ́ orí sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí ìfidípò náà mọ̀ pé ìbáṣepọ̀ yẹn lè yàtọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á méfò bí ẹni pé kò yàtọ̀, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ń wá á sì rọ. Tí iye ìsọ̀rí kò bá pọ̀, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n ṣe ìfidípò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìsọ̀rí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan kí n tó pa wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wá àwọn olùrànlọ́wọ́, ìyẹn vẹ́ríábù tí kò sí nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n tó mọ owó èèyàn: irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye yàrá tó wà nílé rẹ̀, bóyá ó ní ọkọ̀. Àwọn yìí ló ń gba ìfidípò sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣòro olówó-tó-dákẹ́ yẹn, torí tí iṣẹ́ àti ilé bá ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé olówó ni ẹni yìí, kò ní fún un lówó mẹ̀kúnnù mọ́. Ọ̀nà kan tó ń dín àṣìṣe 0.54 yẹn kù nìyẹn.

Sọ́fè tún ní nǹkan tirẹ̀: wéètì, ìsọ̀rí àdúgbò, àti àgbájọ ilé tí wọ́n ti ṣa èèyàn. Ẹ kó gbogbo wọn sínú ìfidípò náà, kẹ́ ẹ sì tún lò wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe rigirẹ́ṣọ̀n. Nínú kóòdù yìí, `imp` ni ohun tí `mice` dá padà fún dátà sọ́fè yín pẹ̀lú `m = 30`, `w` ni wéètì, `stratum` ni ìsọ̀rí àdúgbò, `psu` sì ni àgbájọ ilé:

```r
library(survey); library(mitools)
dat <- lapply(1:30, function(i) complete(imp, i))
des <- svydesign(ids = ~psu, strata = ~stratum,
                 weights = ~w, nest = TRUE,
                 data = imputationList(dat))
summary(MIcombine(with(des, svyglm(y ~ x + age))))
```

Mélòó la máa méfò? `mice` fúnra rẹ̀ máa ń ṣe 5. Fún kóẹfíṣẹ́ǹtì nìkan, 5 ò burú, àmọ́ fún ìwọ̀n àìdánilójú ó kéré. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé, tó sì ti wọ́pọ̀, ni kí iye ìgbà náà tó pásẹ́ǹtì ìlà tó ní àlàfo: 30 pásẹ́ǹtì, ìgbà 30.

Bí wọ́n ṣe ń pa èsì pọ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ kó lè rọrùn. Kóẹfíṣẹ́ǹtì márùn-ún jáde: 0.48, 0.52, 0.50, 0.47, 0.53, `Std. Error` ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.03. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.50, òun ni èsì yín. Àìdánilójú inú ìkọ̀ọ̀kan, U, jẹ́ 0.03 lọ́nà 0.03, ìyẹn 0.0009. Àmọ́ wọ́n tún yàtọ̀ síra wọn, torí pé méfò ni wọ́n jẹ́, ìfọ́nká àárín wọn, B, sì jẹ́ 0.00065. Òfin Rubin wá so méjèèjì pọ̀, m ni iye ìgbà tá a méfò, T sì ni àpapọ̀:

```
T = U + (1 + 1/m) * B
T = 0.0009 + 1.2 * 0.00065 = 0.00168
```

Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.041. Ẹni tó bá fi iye kan ṣoṣo dípò, tó wá ń ṣe bí ẹni tó mọ̀, á kọ 0.03, á sì dá a lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, nǹkan bí ìdajì àìdánilójú náà ló wá látinú àlàfo, nígbà tó bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń fura sí ìgbà márùn-ún, màá gbé e sókè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì tì í wò

Ohun àkọ́kọ́, `densityplot(imp)`. Ó máa fi iye tá a méfò àti iye tá a rí sórí àwòrán kan náà. Kò pọn dandan kí wọ́n jọra, tí àwọn tó dákẹ́ bá yàtọ̀ ní ti ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́, ó yẹ kí owó wọn náà yàtọ̀. Ohun tí mo ń wá ni ìyàtọ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé, àti owó tí kò ṣeé ṣe, bíi owó tó kéré ju òdo lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ lo `pmm`, tó jẹ́ pé iye tí ẹnì kan sọ lóòótọ́ ló máa ń yá lò. Àmọ́ ẹ rántí pé `pmm` ò lè yá iye tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí gbogbo olówó bá ti dákẹ́, kò sí olówó tó máa yá.

Ohun kejì ló ṣe pàtàkì sí mi jù, ìyẹn kẹ́ ẹ ti iye tẹ́ ẹ méfò sókè díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì wo ohun tí kóẹfíṣẹ́ǹtì ṣe. Ẹ ń sọ pé "ká ní àwọn tó dákẹ́ yìí lówó ju bí mo ṣe méfò lọ, ńkọ́?"

```r
post <- mice(d, maxit = 0)$post
post["xm"] <- "imp[[j]][, i] <- imp[[j]][, i] + 1"
imp <- mice(d, m = 20, method = "norm",
            post = post, printFlag = FALSE)
```

Mo ṣe é lórí àpẹẹrẹ olówó wa. Láìtì í, 0.54. Mo ti 0.5 kún un, ó di 0.57. Mo ti 1, 0.55. Mo ti 1.5, tó súnmọ́ òótọ́ gan-an, ó padà sí 0.50. Ẹ rí i pé kò lọ tààrà, ó kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kẹ́ ẹ dán ẹyọ kan ṣoṣo wò kẹ́ ẹ wá máa gbójú lé e. Nínú gbogbo rẹ̀, kóẹfíṣẹ́ǹtì wà láàárín 0.50 àti 0.57, ọ̀rọ̀ pé owó ń gbé ìtẹ́lọ́rùn sókè kò yí padà. Tó bá jẹ́ pé títì 0.5 ti tó láti sọ ọ́ di òdo, ohun tí màá kọ á yàtọ̀ pátápátá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ iye èèyàn tó ní àlàfo àti èyí tí wọ́n fò, ohun tẹ́ ẹ gbà pé ó fà á àti ìdí tẹ́ ẹ fi gbà bẹ́ẹ̀, èsì yíyọ ìlà àti ti ìfidípò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti ibi tí títì náà gbé kóẹfíṣẹ́ǹtì dé. Bí méjèèjì bá jọra, ẹ má kọ pé "èyí fi hàn pé àlàfo náà ò ṣèpalára", torí méjèèjì lè jọ ṣì papọ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ má yan èyí tó wù yín, ẹ padà sí ìbéèrè ta ló dákẹ́ yẹn. Fún sọ́fè wa, màá kọ ọ́ báyìí: "Èèyàn 300 nínú 1,000 kò sọ owó wọn. Ìbéèrè owó ló gbẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, ìbéèrè ìtẹ́lọ́rùn ló ṣáájú rẹ̀, àwọn tí máàkì wọn kéré ló sì sábà fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ ṣáájú ìparí, nítorí náà a gbà pé yíyọ ìlà á tẹ èsì náà sísàlẹ̀. A méfò owó nígbà 30 pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́, irú iṣẹ́ àti iye yàrá."